Tẹmọ́mítà Ń Ka Orí Àlejò



Ohun méjì ni mo gbé sórí tábìlì yìí, kò sì sí èyí tó ṣàjèjì sí yín nínú wọn. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè ni imí-ọjọ́, tí àwọn ìyá wa máa ń lọ̀ mọ́ òróró fi pa ara ọmọ tó bá ní kúrúnà. Èkejì funfun, ó rí róbótó, òórùn rẹ̀ sì ti dé imú yín kí ojú yín tó bà lé e. Kánfọ̀ ni, èyí tí à ń kó sáàárín aṣọ òkè kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ìbéèrè mi lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: átọ́ọ̀mù imí-ọjọ́ mélòó ló máa ń so pọ̀ kí ó tó di mólékù kan? Ṣé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rìn ni, tàbí méjìméjì bí ti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí à ń mí sínú, tàbí wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ojú kò lè rí i, maikirosikópù ilé ìwé kò sì lè rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ imí-ọjọ́ díẹ̀ sínú kánfọ̀, tí a ní òṣùwọ̀n, omi gbígbóná àti tẹmọ́mítà kan ṣoṣo, a ó mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ ká ti ọjà bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá gbé ẹ̀wà sórí òṣùwọ̀n, tó wọn 1,000 gíráàmù, mi ò tíì mọ ohunkóhun nípa horo kan. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bá mi kà á, tó ní horo 4,000 ló wà níbẹ̀, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé horo kan wọn 0.25 gíráàmù. Wíwọ̀n kò nira, kíkà ni iṣẹ́. Mólékù kéré jù fún ọwọ́ láti kà, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì fi ń kà á ní móòlù móòlù, bí àwọn oníṣòwò ṣe ń ka ọjà ní dọ́sìnì dọ́sìnì. Dọ́sìnì jẹ́ 12. Móòlù jẹ́ 6.02 × 10²³. Ìwọ̀n móòlù ohun kan ni iye gíráàmù tí móòlù rẹ̀ kan wọ̀n. Ti omi jẹ́ 18, ti gúlúkóòsì jẹ́ 180. Bí mo bá ti mọ iye gíráàmù tí mo bù, tí mo sì mọ iye móòlù tó wà nínú ohun tí mo bù, ìpín lásán ló kù. Ta ni yóò wá bá wa ka móòlù? Tẹmọ́mítà ni.

Mo máa pe ohun tó ń yọ́ nǹkan sínú ara rẹ̀ ní onílé, mo máa pe ohun tí a yọ́ sínú rẹ̀ ní àlejò. Nínú omi ṣúgà, omi ni onílé, ṣúgà ni àlejò.

Ẹ wo omi tí yìnyín ń léfòó nínú rẹ̀ ní dígírì 0. Ẹ lè rò pé gbogbo nǹkan ló dákẹ́ jẹ́ẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mólékù omi ń já kúrò lára yìnyín bọ́ sínú omi, àwọn mìíràn ń ti inú omi wá lẹ̀ mọ́ yìnyín. Iye àwọn tó ń lọ dọ́gba pẹ̀lú iye àwọn tó ń bọ̀, ìyẹn ni yìnyín náà kò fi dín, tí kò sì lé. Ẹ wá da ṣúgà sínú rẹ̀. Yìnyín kì í gba àlejò, nítorí bí mólékù omi ṣe to ara wọn jọ níbẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún ṣúgà. Ara yìnyín kò yí padà, nítorí náà àwọn tó ń já kúrò lára rẹ̀ ṣì ń já bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n nínú omi, àlejò ti bọ́ sáàárín onílé, àwọn mólékù omi tó ń kan yìnyín lára láàárín ìṣẹ́jú kan ti dín kù. Àwọn tó ń lọ wá pọ̀ ju àwọn tó ń bọ̀ lọ, yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n tún dọ́gba, àfi ká mú un tutù sí i, kí jíjá kúrò náà lè falẹ̀. Ìdí nìyí tí ojú dídì fi ń wálẹ̀.

Bákan náà ni ti híhó, òdìkejì ni ó kàn gbà. Mólékù onílé tó fẹ́ fò jáde di oru gbọ́dọ̀ wà lójú omi. Àlejò tí kì í di oru ti dín àwọn tó lè fò kù, nítorí náà a ní láti fi iná kún un kí oru tó lágbára tó afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí. Ojú híhó á gòkè.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibi tí a ti bi àlejò léèrè orúkọ nínú gbogbo àlàyé yìí. A kò béèrè bóyá ó tóbi tàbí ó kéré, bóyá ó dùn tàbí ó korò. Iye orí wọn nìkan ló ṣiṣẹ́. Bí móòlù kan bá wọ inú kílógíráàmù omi kan, ojú dídì omi náà á fi 1.86 wálẹ̀, ì báà jẹ́ ṣúgà, ì báà jẹ́ yúríà. Onílé ló ni nọ́ńbà yìí, kì í ṣe àlejò. Ti omi ni 1.86, ti bẹnsíìnì ni 5.12, ti náfítálíìnì, tí kánfọ̀ ọjà yẹ kó jẹ́, sún mọ́ 6.9. Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ńbà yìí ní K. Bí w bá jẹ́ gíráàmù àlejò, tí W jẹ́ gíráàmù onílé, tí ΔT sì jẹ́ iye dígírì tí ojú dídì fi wálẹ̀, ìwọ̀n móòlù àlejò ni:

M = (K × w × 1000) ÷ (W × ΔT)

Kò sí ìṣirò mìíràn tí mo fẹ́ ká ṣe lónìí ju èyí lọ.

Ní 1788, Charles Blagden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn pé bí iyọ̀ inú omi bá ṣe pọ̀ tó ni ojú dídì rẹ̀ ṣe ń wálẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n gíráàmù ni Blagden ń kà, kì í ṣe móòlù. Ó di ọwọ́ François-Marie Raoult, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Grenoble títí tó fi kú ní 1901. Láàárín ọdún 1880 sí 1889, ó yọ́ ohun kan lẹ́yìn òmíràn nínú omi, nínú bẹnsíìnì, nínú ásíìdì ọtí kíkan, ó sì rí i pé bí òun bá fi ìwọ̀n móòlù ohun kan sọ iye dígírì tí gíráàmù rẹ̀ kan mú wálẹ̀ di púpọ̀, iye kan náà ló sábà máa ń bọ́ sí lọ́wọ́ fún onílé kan. Ohun ìtura gbáà ni èyí jẹ́ fún àwọn onímọ̀ ìgbà náà. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwọ̀n móòlù ohun kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di oru, kí ó sì wọn oru náà. Ẹ wá wo gúlúkóòsì. Bí ẹ bá dáná sí i, kò ní di oru, èédú ni yóò dà. Wọ́n ti jó o, wọ́n ti mọ̀ pé kábọ̀n, háídírójìn àti ọ́síjìn inú rẹ̀ wà ní 1, 2, 1, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30. Ṣùgbọ́n ásíìdì ọtí kíkan náà ní ìpín 1, 2, 1 yìí gan-an, 60 sì ni tirẹ̀. Kí ni yóò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì bí kò bá sí ẹni tó lè ka orí? Omi tí a yọ́ gúlúkóòsì sí ló sọ pé 180 ni, ìyẹn ni pé ká fi 6 sọ 1, 2, 1 náà di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí imí-ọjọ́ wa, ká ṣe iṣẹ́ náà lójú ara wa.

Kánfọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ojú mi sì ti rí nǹkan lórí èyí. Nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, kánfọ̀ tán ní láàbù wa, mo bá lọ ra tọjà. Mo yọ́ ọ, mo ń retí kí ó dì ní dígírì 80, ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá 80, ó kọjá 70, ó kọjá 60, ó ṣì ń ṣàn bí omi. Ìgbà tó dé nǹkan bíi 53 ló tó dì. Mo rò pé tẹmọ́mítà mi ti bàjẹ́. Olùkọ́ mi gbé e sí imú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, tẹmọ́mítà ò parọ́, ẹni tó ta kánfọ̀ fún ẹ ni kó o bi." Páràdáíkílóróbẹnsíìnì ni wọ́n rọ róbótó tí wọ́n ń tà ní orúkọ kan náà, 53 sì ni ojú dídì tirẹ̀ gan-an. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ̀ kí ẹ tó dáná ni kí ẹ yọ́ iyọ̀ sínú ife omi títí omi náà kò fi ní gba iyọ̀ mọ́, kí ẹ wá ju horo kan sí i. Náfítálíìnì á léfòó, èkejì á rì sísàlẹ̀. Nínú omi lásán àwọn méjèèjì ló ń rì, nítorí náà ẹ má fi iyọ̀ ṣahun.

Kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ yìí níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tó ń jáde dáadáa. Òórùn kánfọ̀ kì í ṣe òórùn lásán. Àwọn ọmọ tí a bí tí ara wọn kò ní ẹ́ńsáìmù G6PD tó bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ wọn lè fọ́ bí òórùn rẹ̀ bá wọ̀ wọ́n lára, kí ojú wọn wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, aṣọ ìkókó tí ẹ fi kánfọ̀ sí, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn kí ẹ tó gbé e wọ ọmọ lọ́rùn.

Wọn 20.00 gíráàmù náfítálíìnì sínú túùbù gíláàsì tó fẹ̀ díẹ̀. Ti tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́, kí wáyà kan tó ká róbótó lẹ́nu wà níbẹ̀ tí ẹ ó máa fi rò ó lókè lódò. Gbé túùbù náà sínú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó títí ohun gbogbo inú rẹ̀ á fi yọ́. Lẹ́yìn náà, yọ ọ́ kúrò nínú omi, kí o sì fi í sínú túùbù mìíràn tó tóbi jù ú lọ, tí kò sí nǹkankan nínú rẹ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ yìí ni ìbora rẹ̀, kí ó má bàa tutù ní kíákíá jù. Máa rò ó láìdáwọ́ dúró, kí ẹnì kejì máa wo aago, kí ó máa ka tẹmọ́mítà ní gbogbo ìdajì ìṣẹ́jú.

Wàá rí i tí yóò máa wálẹ̀: 86, 84, 82, 80.8. Lẹ́yìn náà, ohun kan á ṣẹlẹ̀ tó máa ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Á kọjá ojú dídì rẹ̀, á dé 79.6, kò sì ní tíì dì. Kò tíì sí horo àkọ́kọ́ tí àwọn tó kù máa so mọ́. Lójijì, horo kan á yọ, òmíràn á so mọ́ ọn, inú túùbù á funfun, tẹmọ́mítà á sì sáré gòkè padà sí 80.2, nítorí ohun tó ń dì máa ń tú ooru sílẹ̀. Á wá dúró síbẹ̀ gbọingbọin fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. 80.2 yẹn ni ojú dídì, kì í ṣe 79.6. Ẹni tó bá kọ ibi tó rẹlẹ̀ jù sílẹ̀ ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ tún gbé e sínú omi gbígbóná kó yọ́. Ẹ wọn 1.00 gíráàmù imí-ọjọ́ tí ẹ ti lọ̀ kúnná, kí ẹ dà á sí i, kí ẹ sì máa rò ó títí kò fi ní sí ẹyọ horo kan nísàlẹ̀ túùbù. Imí-ọjọ́ òkúta ni kí ẹ lọ̀. Ìyẹ̀fun imí-ọjọ́ tí wọ́n ṣe láti inú oru rẹ̀ máa ń ní irú kan nínú tó kọ̀ láti yọ́, bí ẹ rò ó títí di àárọ̀ ọ̀la, yóò ṣì wà nísàlẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kó tutù bíi ti àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọjá 80.2 láìyà síbẹ̀, ó dé 78.3, ó sáré gòkè sí 78.7. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kò dúró. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀, 78.6, 78.5, 78.4. Onílé nìkan ló ń dì. Àlejò kò bá a dì, inú èyí tó ṣì ń ṣàn ni gbogbo wọn kó ara wọn jọ sí, bí onílé tó ń ṣàn sì ṣe ń dín kù ni àlejò ń kún inú rẹ̀ sí i. Ojú dídì rẹ̀ ń yí padà lójú yín. Èwo la ó wá mú? Èyí tó jẹ́ ti ìṣẹ́jú tí horo àkọ́kọ́ yẹ kó yọ ni, nígbà tí gbogbo 20 gíráàmù ṣì ń ṣàn. A kò rí ìṣẹ́jú náà nítorí pé ó ti kọjá kí dídì tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè wá a rí lórí gíráàfù. Ẹ fi rúlà fa ìlà tó ń rọra lọ sílẹ̀ yẹn padà sẹ́yìn títí tó fi pàdé ìlà tó ń sáré wálẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni 78.85.

80.2 yọ 78.85 kù 1.35. Ẹ bá mi fi sínú ìṣirò wa: 6.9 × 1.00 × 1000 jẹ́ 6,900, 20.00 × 1.35 jẹ́ 27. 6,900 tí a fi 27 pín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 256. Átọ́ọ̀mù imí-ọjọ́ kan jẹ́ 32. 256 tí a fi 32 pín jẹ́ 8.

Mẹ́jọ! Átọ́ọ̀mù mẹ́jọ ló di ara wọn lọ́wọ́ mú bí àwọn ọmọdé tó ń ṣeré òṣùpá. Mo ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, orí mi ṣì máa ń wú.

Ẹnì kan lè sọ pé tẹmọ́mítà ilé ìwé kò mọ 1.35 yàtọ̀ sí 1.30. Òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ 1.30 lẹ kà, 265 ni yóò yọ, ìyẹn átọ́ọ̀mù 8.3. Bó bá jẹ́ 1.40, 246 ni, ìyẹn 7.7. Ṣùgbọ́n ṣé átọ́ọ̀mù ṣeé pín sí wẹ́wẹ́ ni? Nọ́ńbà odidi ni à ń wá, mẹ́jọ sì ni gbogbo wọn tọ́ka sí. Ká ní mẹ́fà ló so pọ̀ ni, 1.8 ni ojú dídì ìbá fi wálẹ̀. Ká ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dá rìn ni, yóò fi nǹkan bíi dígírì 11 wálẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò ní rí i. Iṣẹ́ yìí kò béèrè pé kí nọ́ńbà péye délẹ̀délẹ̀, ohun tó béèrè ni kí a mọ apá ibi tí àṣìṣe ti lè wọlé. Bí ìdáhùn yín bá tóbi jù, bíi 320, ẹ wo ìsàlẹ̀ túùbù, ó ṣeé ṣe kí imí-ọjọ́ tó kọ̀ láti yọ́ wà níbẹ̀: ẹ ka àlejò tí kò wọlé mọ́ àwọn tó wọlé. Bó bá kéré jù, ẹ tún gbé túùbù sórí òṣùwọ̀n. Náfítálíìnì máa ń bá oru lọ bó bá gbóná pẹ́, onílé ti dín kù nìyẹn, ẹ̀yin sì ṣì ń fi 20 gíráàmù ṣírò.

Mo ti sọ̀rọ̀ lórí dídì púpọ̀, mi ò tíì fọwọ́ kan híhó, mo sì ní ìdí. Ẹ yọ́ 18 gíráàmù gúlúkóòsì, ìdá kan nínú mẹ́wàá móòlù, sínú kílógíráàmù omi kan. Ojú dídì á fi 0.19 wálẹ̀. Ojú híhó á fi 0.05 péré gòkè, nítorí K ti omi fún híhó kò ju 0.51 lọ. Kì í ṣe pé ó kéré nìkan, afẹ́fẹ́ tún ń dá sí i. Ní agbègbè wa yìí, tó sún mọ́ ìlà àárín ayé, bàrómítà máa ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ bí ìgbà tí òkun ń kún tó ń fà. Á ga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, á rẹlẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìyàtọ̀ wọn sì lè tó mílíbà 3. Mílíbà 3 yìí nìkan tó láti fi 0.08 yí ojú híhó omi padà. Ẹni tó bá hó omi lásán láàárọ̀, tó wá hó omi gúlúkóòsì nírọ̀lẹ́, lè bá a pé ojú híhó wálẹ̀ dípò kó gòkè! Ẹ fi àwọn méjèèjì sórí iná ní wákàtí kan náà, kí àṣìṣe afẹ́fẹ́ lè bá ọ̀kan lò bó ṣe bá èkejì lò. Bí ẹ bá ṣe é ní Jọ́ọ̀sì, ẹ má retí 100 rárá, omi ti ń hó ní nǹkan bíi 96 níbẹ̀ nítorí òkè ni.

Ìdẹkùn mìíràn wà nínú híhó. Bí ẹ bá gbé orí tẹmọ́mítà sókè omi, sínú oru rẹ̀, oru á máa di omi lára rẹ̀, omi náà kò sì ní àlejò kankan nínú. Ojú híhó onílé nìkan lẹ ó máa kà, ΔT yín á jẹ́ òfo. Bí ẹ bá tì í bọ inú omi, omi ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ iná lè gbóná kọjá ojú híhó rẹ̀ kí ó tó ru sókè. Ní 1919, Frederick Cottrell ará Amẹ́ríkà wá ọgbọ́n dá sí i: ó gbé fọ́nẹ́ẹ̀lì tí a dojú rẹ̀ dé sínú omi náà, kí oru híhó fúnra rẹ̀ máa gbé omi gòkè, kí ó máa tú u sára tẹmọ́mítà tó wà nínú oru. Ṣáájú ìgbà náà, Ernst Beckmann ní ilẹ̀ Jámánì ti ṣe tẹmọ́mítà tirẹ̀ ní 1888, tí kò kà ju nǹkan bíi dígírì 5 tàbí 6 lọ lápapọ̀, ṣùgbọ́n tó pín dígírì kọ̀ọ̀kan sí ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ fi híhó sílẹ̀, dídì ni kí ẹ lò.

Ó wá ku ìgbà tí tẹmọ́mítà bá sọ ohun tí kò bá ìwé mu. Ẹ yọ́ 5.85 gíráàmù iyọ̀ ọbẹ̀ sínú kílógíráàmù omi kan. Ìdá kan nínú mẹ́wàá móòlù ni, a sì retí 0.19. Ohun tí tẹmọ́mítà máa sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.35. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìwọ̀n móòlù iyọ̀ á bọ́ sí nǹkan bí 31 dípò 58.5. Raoult rí irú èyí, ó sì yọ ọ́ lẹ́nu. Svante Arrhenius ará Swídìn ló sọ ní 1887 pé tẹmọ́mítà kò ṣìrò: nígbà tí iyọ̀ bá wọ omi, ó máa ń pín sí méjì, sódíọ̀mù lọ́tọ̀, kíláráìdì lọ́tọ̀. Ẹnì kan ló kan ilẹ̀kùn, ẹni méjì ló jókòó nínú ilé, tẹmọ́mítà sì ka méjì. Kò pé méjì gẹ́lẹ́ nítorí pé àwọn méjèèjì ṣì ń fa ara wọn.

Òdìkejì rẹ̀ ni ásíìdì bẹnsóíìkì, tí ìwọ̀n móòlù rẹ̀ jẹ́ 122. Nínú bẹnsíìnì, tẹmọ́mítà á sọ pé ó sún mọ́ 240. Bẹnsíìnì kì í ṣe onílé tó ń ṣaájò irú àlejò bẹ́ẹ̀, nítorí náà àlejò méjì á fà mọ́ra, wọ́n á máa rìn bí ẹnì kan. Ẹ̀yin olùkọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá mú 240 wá, ẹ má fi àmì ìkùnà sí i kí ẹ tó bi í léèrè irú onílé tó lò.

Ohun kan wà tí ọ̀nà yìí kò lè ṣe, ẹ̀jẹ̀ ara wa ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀. Hemogilobíìnì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ tóbi gan-an, ìwọ̀n móòlù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 64,500. Ẹ yọ́ odindi 10 gíráàmù rẹ̀ sínú kílógíráàmù omi kan. Ojú dídì kò ní wálẹ̀ ju 0.0003 lọ, kódà tẹmọ́mítà Beckmann kò lè rí i. Iye orí wọn ti kéré jù, bó ti wù kí ara wọn tóbi tó. Kì í sì í ṣe tẹmọ́mítà nìkan ni ìṣòro. Bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù iyọ̀ bá ṣèèṣì kù lára ife tí ẹ kò fọ̀ dáadáa, ìwọ̀nba tí ẹ lè fi ṣóńṣó èékánná bù, iyọ̀ yẹn á mú ojú dídì wálẹ̀ ní ìlọ́po méjì ohun tí gbogbo hemogilobíìnì inú rẹ̀ mú un wálẹ̀.